Bí A Ṣe Ń Fọ Iyọ̀ Kúrò Lára Purotéènì: Àpò Wo, Bọ́fà Mélòó?

Ẹyin adìyẹ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé iṣẹ́ yìí, torí òun gan-an ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nínú funfun ẹyin, purotéènì méjì wà tí ìtóbi wọn jìnnà síra. Àkọ́kọ́ ni ofalibúmìnì, tó tó kílódáltọ̀n 45, òun nìkan sì ju ìdajì gbogbo purotéènì inú funfun náà lọ. Èkejì ni láísósáìmù, tí kò ju kílódáltọ̀n 14.3 lọ, tí kò sì tó ìdá 4 nínú 100. Kékeré yẹn là ń wá, torí òun ló máa ń tú ara bakitéríà ká.

Ká ní a ti fi iyọ̀ amóníọ́mù súlíféètì mú purotéènì wọ̀nyí wálẹ̀, a ti fi ẹ̀rọ yí i, a sì ti po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ padà sínú omi díẹ̀. Mílílítà 10 ló wà lọ́wọ́ wa, iyọ̀ inú rẹ̀ sì sún mọ́ mólà 1. Pẹ̀lú iyọ̀ tó pọ̀ tó báyẹn, purotéènì ò ní lẹ̀ mọ́ kọ́lọ́ọ̀mù tó kàn, ìyẹn ọ̀pá tí a ó fi yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà iyọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jáde. Ọ̀nà tó rọrùn jù ní láàbù tí kò ní irinṣẹ́ púpọ̀ ni dàyálísíìsì: ká dá purotéènì sínú àpò oníhò wẹ́wẹ́, ká rì í sínú bọ́fà púpọ̀, ìyẹn omi tí pH rẹ̀ kì í tètè yí padà, kí iyọ̀ máa rìn jáde fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó gé àpò, ẹ ka nọ́ńbà ara páálí

Ọ̀rá sẹ́lúlóòsì ni àpò náà. Ó rí bí ìfun ẹran tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n wá ká jọ bíi ríbọ́ọ̀nù. Lára páálí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí MWCO pẹ̀lú nọ́ńbà: 3.5, tàbí 6 sí 8, tàbí 12 sí 14, kílódáltọ̀n ni gbogbo wọn.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹnubodè ni nọ́ńbà yẹn, pé ohun tó bá fi díẹ̀ jù ú lọ ò lè kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Asẹ́ ògì ni kí ẹ fi wò ó. Ihò asẹ́ ò dọ́gba, àwọn kan tóbi ju àwọn kan lọ, ìdí nìyẹn tí èérí díẹ̀ fi máa ń bá ògì jáde. Ohun tí nọ́ńbà yẹn sábà máa ń túmọ̀ sí ni ìtóbi tí àpò náà lè dá ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ dúró fún ìwọ̀nba wákàtí tí wọ́n fi dán an wò. Ìyẹn ni pé níbi nọ́ńbà náà gan-an, jíjò ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò mọ èyí dáadáa nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ẹyin yìí ní Àbújá. Àpò 12 sí 14 ló wà nínú dúróò, mo ní, "14.3 ṣáà ju 14 lọ," mo so ó, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi fi Bradífọ́ọ̀dù, àwọ̀ tó ń ka gbogbo purotéènì pọ̀, wọn purotéènì, ó sáré wá bá mi: "Mà, purotéènì wa ò dín o!" Inú mi dùn. A wá bu díẹ̀ sínú omi bakitéríà tó rí bàìbàì, èyí tó yẹ kí láísósáìmù sọ di mímọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi yẹn ò yí padà. Bí omidùn orí ògì ló ṣe rí nígbà tí a dé e, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà nígbà tí a padà wò ó.

Ofalibúmìnì ni Bradífọ́ọ̀dù ń kà fún wa. Òun ló pọ̀, òun sì ni àpò náà lè dá dúró láìsí wàhálà. Láísósáìmù tí kò tó ìdá 4 ti jò lọ, iye purotéènì lápapọ̀ ò sì mọ̀ ọ́n lára. Ká ní a ṣì ní bọ́fà tó wà lóde àpò, à bá wá a nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti da ìyẹn sínú síńkì láti àárọ̀.

Láti ọjọ́ náà, òfin tí mo ń tẹ̀ lé ni pé kí nọ́ńbà àpò má ju ìdajì ìtóbi purotéènì tí mo ń wá lọ, ìdá kan nínú mẹ́ta ló sì dáa jù. Ìdá kan nínú mẹ́ta 14.3 jẹ́ bíi 4.8, nítorí náà àpò 3.5 ni ti láísósáìmù. Tó bá jẹ́ ofalibúmìnì nìkan là ń wá, ìdá mẹ́ta 45 jẹ́ 15, àpò 12 sí 14 á sì ṣe é dáadáa. Ẹyin kan náà ni o, àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí a ò kúkú máa lo èyí tí ihò rẹ̀ kéré jù nígbà gbogbo. Ohun tó ń jáde náà ní ìtóbi tirẹ̀. Amóníọ́mù súlíféètì ò ju dáltọ̀n 132 lọ, á gba ihò 3.5 kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á pẹ́ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n tí ìdọ̀tí tí ẹ fẹ́ yọ bá jẹ́ ègé purotéènì tó tó kílódáltọ̀n 2, inú àpò 3.5 ni púpọ̀ nínú rẹ̀ á jókòó sí.

Síse àpò àti síso ó

Àpò tuntun máa ń ní gílísérìn, súlífọ̀, àti ìdọ̀tí irin díẹ̀ lára. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sè é nínú omi tó ní sódà báíkábọ́nétì gíráàmù 2 nínú mílílítà 100 àti EDTA mílímólà 1, kí ẹ wá fi omi dísítìlì ṣan án dáadáa. Láti ìgbà yẹn, kò gbọ́dọ̀ gbẹ mọ́. Tó bá gbẹ, á máa sán, ẹ ò sì ní rí ojú ibi tó ti sán. Ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ fi dì í mú.

Gígùn tí ẹ máa gé rọrùn láti mọ̀. Ẹ wọn fífẹ̀ àpò nígbà tó wà ní pẹlẹbẹ. Èyí tó bá fẹ̀ ní mílímítà 25 máa ń gba bíi mílílítà 2 nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Mílílítà 10 wa á gba sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 3 kún un fún àyè òfo, kí ẹ sì fi bíi 3 kún ẹnu méjèèjì fún dídì. Ó di 14.

Ẹ má fojú di àyè òfo yẹn. Omi máa ń sáré wọlé síbi tí iyọ̀ pọ̀ sí kí iyọ̀ tó rí ààyè jáde tán, nítorí náà àpò á wú. Mílílítà 10 lè di 15 kó tó di àárọ̀. Àpò tí wọ́n rọ kún dẹ́nu á le bíi bọ́ọ̀lù, ibi ìdì ló sì ti máa ń bẹ́. Kí ẹ tó da purotéènì sí i, ẹ di ìsàlẹ̀, ẹ bu omi dísítìlì sínú rẹ̀, ẹ rọra fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá rí i tó ń kán tó, tó tó, ẹ gé òmíràn.

Bọ́fà mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó?

Ibí ni wọ́n ti máa ń fi omi dísítìlì ṣòfò jù. Tí iyọ̀ inú àpò àti òde bá ti dọ́gba, kò sí ohun tó kù láti jáde mọ́, àfi tí ẹ bá pààrọ̀ bọ́fà. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: C1 ni iyọ̀ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, C2 ni èyí tó máa kù, Va ni omi inú àpò, Vb sì ni bọ́fà òde.

```
C2 = C1 × Va / (Va + Vb)
```

Mílílítà 10 tiwa ní iyọ̀ mílímólà 1000. Tí a bá rì í sínú lítà 3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iyọ̀ á kù ní mílímólà 3.3. Tí a bá pín lítà 3 yẹn sí mẹ́ta, tí a ń pààrọ̀ rẹ̀, lítà kìíní á mú un wá sí bíi 10, èkejì á mú un wá sí 0.1, ẹ̀kẹta á sì mú un wá sí 0.001. Omi kan náà ni. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ ni pé tí ẹ bá lo mílílítà 300 péré, tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, 0.03 ló máa kù. Mílílítà 900 lápapọ̀ ṣe ju lítà 3 ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ ní ìlọ́po 100. Ní láàbù tí ẹ̀rọ dísítìlì ti ń dúró de iná, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Tí àpò bá wú, iye wọ̀nyí á fi díẹ̀ pọ̀ sí i, kò ba nǹkan jẹ́.

Ohun tí ìṣirò yìí gbà gbọ́ ni pé ẹ dúró kí inú àti òde dọ́gba kí ẹ tó pààrọ̀. Fún àpò 3.5, mo máa ń fún ìpààrọ̀ kìíní àti èkejì ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀kẹta á sì mọ́jú. Kí mágínẹ́ẹ̀tì máa ro omi náà jẹ́jẹ́ ní gbogbo àkókò yìí, kí àpò máa yí lọ́ọ́lọ́ọ́ láìfara gbún un.

Bọ́fà tí a lò ni Tírìsì mílímólà 20, ìyẹn gíráàmù 2.42 nínú lítà kan, pẹ̀lú iyọ̀ sódíọ̀mù kílóráìdì mílímólà 50. Kò yẹ kí omi lásán nìkan wà lóde, torí àwọn purotéènì kan máa ń dì tí iyọ̀ bá tán pátápátá. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú Tírìsì o. Tó bá ka pH 8.0 ní dígírì 25, á sún mọ́ 8.6 tí ó bá dé dígírì 4 nínú fíríìjì. Ẹ jẹ́ kí bọ́fà tutù kí ẹ tó tún pH rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì nìyẹn. Ní oṣù kẹta ní Àbújá, tí iná bá lọ lóru, bọ́fà lè gbóná kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí mò ń ṣe ni kí n gbé bíkà sínú kúlà, kí n to píọ̀ wọ́tà tó ti dì gbagidi yí i ká, kí n sì dé e. Àpò ò ní rí rírò títí iná á fi dé, nítorí náà mo máa ń fi wákàtí bíi mélòó kan kún un lọ́jọ́ kejì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé iyọ̀ ti lọ?

Ẹ bu mílílítà kan nínú bọ́fà òde tó kẹ́yìn, ẹ kán ásíìdì haidirokílórìkì díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ẹ kán báríọ̀mù kílóráìdì sí i. Tó bá funfun bí ẹní da mílíìkì díẹ̀ sí omi, súlíféètì ṣì wà níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ṣe ti bọ́fà tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè fi wéra. Májèlé ni báríọ̀mù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì dà á sínú síńkì. Kí ẹni tó bá lo bọ́fà fọ́síféètì ṣọ́ra pẹ̀lú àyẹ̀wò yìí, torí tí ásíìdì ò bá tó, fọ́síféètì náà lè bá báríọ̀mù dì funfun.

Ìyẹn jẹ́ ti iyọ̀. Ti purotéènì, ẹ wọn iṣẹ́ tó ń ṣe ṣáájú àti lẹ́yìn, ẹ má fi iye purotéènì lápapọ̀ tan ara yín jẹ. Ẹ sì ṣírò rẹ̀ mọ́ omi tó wà nínú àpò báyìí, torí tí mílílítà 10 bá ti di 15, mílílítà kọ̀ọ̀kan á dà bí ẹni pé agbára rẹ̀ dín, nígbà tí kò sí ohun tó sọnù. Bọ́fà òde mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo máa ń kọ nọ́ńbà sí ara ìgò wọn, wọ́n á wà nínú fíríìjì títí àyẹ̀wò yẹn á fi jáde.

Ẹni tó bá ń kánjú lè gba ọ̀nà kọ́lọ́ọ̀mù Sẹ́fádẹ́ẹ̀sì G-25, tó máa ń jẹ́ kí ohun tó bá ju kílódáltọ̀n 5 lọ ṣáájú jáde, tí iyọ̀ á sì máa bọ̀ lẹ́yìn. Nínú kọ́lọ́ọ̀mù kékeré PD-10, mílílítà 2.5 ni ẹ máa dà sí i, ohun tó bá jáde, ẹ dà á nù. Lẹ́yìn náà ẹ da bọ́fà mílílítà 3.5 sí i, kí ẹ sì gba èyí tó bá jáde pa mọ́. Kò tó ìṣẹ́jú 20. Mílílítà 10 tiwa á lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, á sì di 14 nígbà tó bá parí.