Bí mo ṣe yan orílẹ̀-èdè tó tọ́ fún ráútà mi

Lọ́jọ́ tí mo fi OpenWrt, ètò kan tó ń darí ráútà, sórí ráútà mi, ẹ̀ka 2.4 GHz gbéra lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n 5 GHz kò yọjú rárá. Mo wò ó lórí fóònù, mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà, kò sí. Mo pa ráútà, mo tún tàn án, ibì kan náà ló wà. Ìgbà tí mo wọ inú rẹ̀ láti ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú `logread` ni mo tó rí i pé ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ó ń sọ fún mi pé wọn kò fún òun láyè:

```
Frequency 5180 (primary) not allowed for AP mode, ... NO-IR
```

5180 yẹn ni ṣánẹ́lì 36, èyí tí mo yàn fún un. Ní ìparí ìlà náà ni wọ́n kọ `NO-IR` sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ráútà lè máa gbọ́ ohun tó ń lọ lórí ṣánẹ́lì yẹn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ ráútà ni láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí fóònù lè mọ̀ pé ó wà.

Mo wá béèrè orílẹ̀-èdè tí ó rò pé òun wà:

```
iw reg get
```

Èsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí: `country 00: DFS-UNSET`. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ 00. Ohun tí ráútà ń fi sọ ni pé kò sẹ́ni tó sọ ibi tí òun wà fún òun, nítorí náà òun yóò ṣe kìkì ohun tí kò lè bí ìjọba kankan nínú. Lórí 2.4 GHz, ṣánẹ́lì 1 sí 11 wà lára ohun tí kò ní wàhálà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka yẹn fi ṣiṣẹ́. Lórí 5 GHz, òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn débi pé ohun tó kù fún un ni kó dákẹ́ kó máa gbọ́.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé kì í ṣe orílẹ̀-èdè mi ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ni mo pè. Wọ́n ní, "Àbúrò, US ni kó o fi sí i, kó o sì lo ṣánẹ́lì 149. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fàyè gba agbára jù." Mo dúpẹ́, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. 5 GHz gbéra lójú ẹsẹ̀. Jámánì ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, níwọ̀n ìgbà tó ti ṣiṣẹ́, mi ò ro ìyẹn.

Ọjọ́ kejì ni kọ̀ǹpútà mi fi ìkìlọ̀ hàn nínú àyẹ̀wò Wáífáì rẹ̀ pé kóòdù orílẹ̀-èdè tí òun ń gbọ́ láyìíká ń tako ara wọn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rò. Bí ráútà bá ti ní orílẹ̀-èdè, kò ní fi í pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ó ń kéde rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Wáífáì nígbà gbogbo, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó bá sì gbọ́ ọ ń lò ó láti mọ òfin tí àwọn fúnra wọn yóò tẹ̀ lé. Ráútà àwọn aládùúgbò ń pariwo DE, ìyẹn kóòdù Jámánì, tèmi ń pariwo US láàárín wọn. Kì í ṣe ráútà nìkan ni mo purọ́ fún. Gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wọ ilé mi ni mo ń purọ́ fún.

Mo wá jókòó wo ohun tí mo rí gbà nídìí irọ́ náà gan-an. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fàyè gba ráútà láti fi agbára tó tó 30 dBm sọ̀rọ̀ lórí ṣánẹ́lì 149. Ìyẹn jẹ́ wáàtì kan odidi. Ẹni tí dBm bá ṣe àjèjì sí, ohun méjì ló tó mọ̀: bí ó bá fi 3 gòkè, agbára ti di ìlọ́po méjì, bí ó bá fi 10 gòkè, ó di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà 20 dBm jẹ́ 100 mílíwáàtì, 23 dBm jẹ́ 200, 30 dBm sì jẹ́ 1000. Ní Jámánì, mílíwáàtì 25 péré ni wọ́n fàyè gbà lórí 149. Ogójì ìlọ́po ni mo fi kọjá ohun tí òfin ilẹ̀ tí mo ń gbé gbà láyè, lórí ìwé ó kéré tán.

Mo ní lórí ìwé, nítorí pé nígbà tí mo tẹ `iw dev`, ohun tí mo rí ni `txpower 24.00 dBm`. Òfin Amẹ́ríkà ní kó lọ dé 30, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú ráútà mi kò lágbára ju 24 lọ. Orílẹ̀-èdè tí ẹ bá yàn jẹ́ òrùlé. Kò lè fi agbára tí ẹ̀rọ kò ní kún un. Bó bá tilẹ̀ ṣeé ṣe, fóònù mi kò ní lè fèsì pẹ̀lú ohùn tó tó bẹ́ẹ̀. Ráútà lè pariwo títí dé òpin ọ̀nà, bí kò bá lè gbọ́ ohùn kékeré fóònù tó ń dá a lóhùn, ojú ìwé kò ní ṣí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi padà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ti yí i padà o." Wọ́n béèrè ìdí, mo ṣàlàyé, wọ́n sì ní àwọn náà yóò lọ wo tiwọn. Ohun tí mo tẹ̀ nìyí:

```
uci set wireless.radio0.country='DE'
uci set wireless.radio1.country='DE'
uci commit wireless
wifi reload
```

Ẹ kíyè sí i pé mo fi í sí ẹ̀ka méjèèjì. Bí ọ̀kan bá wà ní DE tí èkejì sì ṣẹ́ kù sí US, ẹ óò máa rí àbájáde tí kò dọ́gba. Àṣẹ `iw reg set DE` náà wà, ṣùgbọ́n bí ráútà bá kú tó sì tún jí, ó ti gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ tẹ àṣẹ lè wá a lórí ojú ewé ráútà, nínú Network, Wireless, kó tẹ Edit, kó wá wo Country Code lábẹ́ Advanced Settings.

Lẹ́yìn èyí, `iw reg get` sọ ohun mìíràn. Díẹ̀ lára rẹ̀ rèé:

```
country DE: DFS-ETSI
(5150 - 5250 @ 80), (N/A, 23), (N/A), NO-OUTDOOR, AUTO-BW
(5470 - 5725 @ 160), (N/A, 26), (0 ms), DFS
(5725 - 5875 @ 80), (N/A, 13), (N/A)
```

Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ibi tí ìgbì ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ní MHz. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé `N/A` ni agbára tó pọ̀ jù, ní dBm. Ìlà tó kẹ́yìn ni ti 149 tí mo ti ń lò: 13. Mílíwáàtì 25 kò yàtọ̀ sí 14, ṣùgbọ́n `iw` ń gé ohun tó bá ṣẹ́ kù kúrò ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni 26 inú ìlà kejì ṣe jẹ́ 500 mílíwáàtì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 27.

Mo yan 36, ó gbéra pẹ̀lú 23 dBm. Látorí 24 sí 23, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan ní yàrá tó jìnnà jù. Ohun tó dà mí láàmú ni pé nígbà tí mo ṣí Channel Analysis lábẹ́ Status, gbogbo àdúgbò ló kóra jọ sórí 36 sí 48. Ìlà kejì ló wá wù mí: agbára rẹ̀ pọ̀ jù, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìdí tí kò fi sí ẹnikẹ́ni wà nínú ọ̀rọ̀ `DFS` yẹn. Rédà ń lo ìgbì kan náà, rédà ló sì ni ín. Kí ráútà tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kó tẹ́tí sílẹ̀ bóyá rédà wà nítòsí. Láàárín 5600 sí 5650 MHz, ibi tí rédà tó ń wo òjò àti ìjì wà, òfin Yúróòpù ní kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ráútà tí wọ́n bá purọ́ orílẹ̀-èdè fún lè lọ bá irú rédà bẹ́ẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ fún ọkọ̀ òfurufú máa rí ohun tí kì í ṣe òjò lójú rédà rẹ̀. Èyí ló dùn mí jù nínú irọ́ tí mo ti pa.

Nítorí náà mo yan ṣánẹ́lì 100 pẹ̀lú fífẹ̀ 80 MHz. Ó gba 100 dé 112, ó dúró kí ó tó dé 5600. Bí mo bá yan 116, yóò tẹ́ dé 128, ìgbì rédà òjò yóò sì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn `wifi reload`, 5 GHz tún pòórá, ọkàn mi sì fò. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ fi `DFS-CAC-START` hàn, pẹ̀lú `cac_time=60s`. Mo fọwọ́ lẹ́rán. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, `DFS-CAC-COMPLETED success=1` jáde, orúkọ Wáífáì sì yọ lórí fóònù. Bí ẹ bá rí i pé 5 GHz pẹ́ kó tó dé lẹ́yìn tí iná bá lọ tó padà dé, ẹ wo èyí kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Ṣánẹ́lì 13 náà ti ṣí sílẹ̀ fún 2.4 GHz báyìí, nítorí US dúró sí 11. Mi ò lò ó. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà nílé tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, kò lè rí ohun tó bá ti kọjá 11, mo sì fi ẹ̀ka náà sílẹ̀ lórí 6.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni rédà ti lé mi kúrò lórí 100. Ìlà tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ni `DFS-RADAR-DETECTED freq=5500`, ráútà sì ti fúnra rẹ̀ lọ sórí 36. Òfin ní kó yàgò fún 100 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Mo dúró di ìgbà tí `DFS-NOP-FINISHED` jáde, mo tẹ `wifi reload`, ó tún dákẹ́ fún ìṣẹ́jú rẹ̀ kan, ó sì padà sáyè rẹ̀.