Nígbà tí ìkọ́ bá gbé ọ̀rọ̀ lọ: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú fífi ìró àti àwòrán há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta níbí, kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì nípa ìyá rẹ̀. Ó ní obìnrin ubiquitous ni, kì í sùn tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá tíì jẹun. Mo fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, mo sì bi í pé kí ló fẹ́ sọ.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, sà. Ubiquitous, bìkítà. Ìyá mi máa ń bìkítà."

Kí ni mo fẹ́ wí? Èmi náà ni mo fún wọn ní bìkítà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, bí ìkọ́ tí wọn yóò fi rántí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbá ìkọ́ mú dáadáa, ẹja tó yẹ kó wà lẹ́nu ẹ̀ ló bọ́ lọ. Ubiquitous kò kan ìbìkítà rárá. Ohun tó bá wà níbi gbogbo tí èèyàn yíjú sí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n fífi ìró àti àwòrán há ọ̀rọ̀ sórí yìí ní ẹsẹ̀ méjì. Wàá kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ kan ní èdè tìrẹ tí ìró rẹ̀ jọ apá kan nínú ọ̀rọ̀ tó le náà; ìyẹn ni mò ń pè ní ìkọ́. Lẹ́yìn náà, wàá fojú inú ya àwòrán kan tí ìkọ́ àti ìtumọ̀ ti jọ ń ṣe nǹkan pọ̀. Ní ọdún 1975, àwọn olùwádìí méjì, Richard Atkinson àti Michael Raugh, dán an wò ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ èdè Rọ́ṣíà 120 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọjọ́ 3 kọ́. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n ní gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, àwọn tó lo ìkọ́ gba ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí kò lò ó gba 46. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà yẹn síbẹ̀ ná, a ó padà sí i.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ ni pé ẹsẹ̀ kìíní nìkan làwọn èèyàn máa ń gbé. Ìró yẹn dùn, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bìkítà ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ láti ilé, bí o kò bá sì fún un níṣẹ́ nínú àwòrán, ìtumọ̀ tirẹ̀ ni yóò gbé jókòó sórí àga ẹlòmíì. Bí ìró bá ṣe jọra tó ni ewu yìí ṣe ń pọ̀ tó.

Ohun tí mo padà ṣe nìyí. Mo ní kí wọ́n fojú inú wo ìyá kan tí ìbìkítà rẹ̀ ti kọjá ààlà. Ọmọ rẹ̀ wọ mọ́tò ní Pánṣẹ́kẹ́, ìyá gbé kúlà oúnjẹ dúró níbẹ̀. Ó sọ̀ ní Kútọ̀, ìyá ti ń dúró dè é. Ó sá lọ sí Lafẹ́nwá, ìyá náà rèé. Ó gun orí Òlúmọ pé kí òun sinmi díẹ̀, ó bojú wolẹ̀, ìyá kan náà ló dúró lórí gbogbo páànù tó ti dípẹtà ní Abẹ́òkúta, kúlà lọ́wọ́. Ìkọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n "ibi gbogbo" ló gbé àwòrán yẹn dúró. Yọ ibi gbogbo kúrò, ìyá kan lásán tó gbé oúnjẹ ló kù. Bí mo ṣe ń dán àwòrán wò nìyẹn: mo máa ń yọ ìtumọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí àwòrán náà bá ṣì dúró láìsí ìtumọ̀, kò wúlò.

Ephemeral rọrùn jù ú lọ, ìyẹn gan-an ló sì ń tan èèyàn jẹ. "Ìfẹ́ mi rá." Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo rí i, nítorí ìró àti ìtumọ̀ jọ ń rìn: ìfẹ́ wà lánàá, lónìí ó ti rá. Àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé fóònù òun ti di ephemeral nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n jí i ni! Òun rò pé ohunkóhun tó bá pòórá ni. Ọ̀rọ̀ náà kò dá lórí pípòórá, àìpẹ́ ló dá lé. Inú èdè Gíríìkì ló ti wá, níbi tó ti túmọ̀ sí ohun tí kò lò ju ọjọ́ kan lọ. Nítorí náà mo fi aago sínú àwòrán: òjò dá, èsúnsún tú jáde, wọ́n bo gílóòbù ẹnu ọ̀nà, ọmọ ń fi abọ́ omi kó wọn, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìyẹ́ nìkan ló kù nílẹ̀ fún ẹni tó máa gbálẹ̀. Ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù yẹn ló rá ní àárọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohùn o. Bìkítà lọ sílẹ̀ ní bì, ó gòkè ní kí. Gẹ̀ẹ́sì ṣe òdì kejì: yù-BÍ-kwì-tọ̀s ni, bí a bá fi àmì tiwa kọ ọ́. Ẹni tó bá pè é bí ìkọ́ yóò gbé ìwúwo sí sílébù tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò sì gbàgbé qu tó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìfẹ́ ti bá ephemeral mu níbi tó wúwo. Rá ìkẹyìn nìkan ni kó rẹlẹ̀.

Ìkọ́ kì í sì í sọ ibi tí wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀. Nítorí a máa ń sọ pé Ọlọ́run wà níbi gbogbo, àwọn èèyàn mi máa ń kọ ubiquitous fún Un. Gẹ̀ẹ́sì ní omnipresent fún ìyẹn. Ubiquitous lóde òní bá fóònù, ọ̀kadà àti pósítà òṣèlú mu jù, nǹkan tí èèyàn ti rí títí ó fi sú u.

Ó wá ku nọ́ńbà wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ìdá 72 tí àwọn tó lo ìkọ́ gbà ti já sí 43, ti àwọn yòókù sì wà ní 28. Wọ́n ṣì léwájú, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbàgbé púpọ̀. Ẹni tó bá ya àwòrán lẹ́ẹ̀kan tó sì fi sílẹ̀ ń tan ara rẹ̀. Nǹkan mìíràn tún ni pé láti inú Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí ìtumọ̀ ni ìkọ́ ti ń ṣiṣẹ́ jù: o rí ọ̀rọ̀, o gbọ́ bìkítà, o rí ìyá oníkúlà. Tí mo bá yí i padà, tí mo ní "nǹkan tó wà níbi gbogbo", ṣe ni wọ́n á máa wo àjà. Nítorí náà páálí tí a gé ní kíláàsì ní ojú méjì: ọ̀rọ̀ lójú kan, lójú kejì gbólóhùn nípa àdúgbò wọn tí a fi àlàfo sí níbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó wà. Ojú kejì yẹn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrin, ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹni tó kọ nípa ìyá rẹ̀ ti ṣe páálí tirẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nínú gọ́tà Lafẹ́nwá ló gba ubiquitous báyìí. Ìyá rẹ̀, a ṣì ń wá ọ̀rọ̀ fún un.