Bí fóònù ṣe lè dákẹ́ lóru kó sì jẹ́ kí ìpè pàjáwìrì àti áláàmù wọlé

Ẹni tó bá ń sin òròmọdìẹ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀sẹ̀ oorun. Bí iná tó ń mú wọn móoru bá kú lóru, wọn á kó ara wọn jọ sí igun kan, wọn á sì tẹ ara wọn pa kí ilẹ̀ tó mọ́. Fóònù gbọ́dọ̀ wà nítòsí ibùsùn nígbà náà. Ṣùgbọ́n fóònù yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ Wásáàpù mẹ́fà ń dún lórí rẹ̀, òun náà ni àwọn apolówó ọjà ń pè. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń pa fóònù ni. Bí ẹ bá pa á, ìpè ò ní wọlé, lórí ọ̀pọ̀ fóònù áláàmù náà ò ní dún. Bí ẹ bá sì tan "Airplane mode", áláàmù á dún, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ oko ò ní rí yín bá sọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ lò ni "Do Not Disturb": ó ń pa gbogbo ariwo mọ́, àfi ti àwọn tí ẹ bá yọ̀ǹda fún.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Aago 9 alẹ́ ló ń sùn, aago 5 ìdájí ló ń jí, ó sì ń dìde lẹ́ẹ̀kan ní aago 2 òru láti lọ wo òròmọdìẹ rẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré ló fẹ́ kó lè jí òun: ẹni tó ń ṣọ́ oko, ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà, àti ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ẹ̀kọ́. Áńdíróìdì ni fóònù rẹ̀.

Orúkọ àwọn èèyàn ló ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì dé inú "Settings" rárá. Ó ṣí ìwé nọ́ńbà inú fóònù, ó ṣí orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì tẹ àmì ìràwọ̀ tó wà lókè. Ẹni tó ń ṣọ́ oko ní síìmù méjì, torí náà ìyá yìí fi nọ́ńbà méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Orúkọ ni wọ́n ń fi ìràwọ̀ sí, nọ́ńbà tí kò bá sì sí lábẹ́ orúkọ yẹn, àlejò ni fóònù kà á sí.

Ó wá wọ "Settings", ó tẹ "Do Not Disturb" síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lókè, torí pé ibi tó wà kò dọ́gba lórí gbogbo fóònù. Lórí àwọn tuntun kan, abẹ́ "Modes" ló wà. Ní apá tó jẹ mọ́ àwọn èèyàn, ó wọ "Calls", ó sì mú "Starred contacts". Nísàlẹ̀ níbẹ̀ ni "Repeat callers" wà, ó tan òun náà. Èyí ń jẹ́ kí ìpè wọlé bí nọ́ńbà kan náà bá pe ẹ̀ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú 15, ì báà má ní ìràwọ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pa á, torí pé ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá kú á yá fóònù ẹlòmíràn pè yín. Òótọ́ ni pé apolówó ọjà tó bá tẹpẹlẹ mọ́ ọn lè gba ibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ìyẹn sàn ju kí ìròyìn oko má dé lọ. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé bí ọ̀rọ̀ bá le, kí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra.

Lẹ́yìn náà ló wo ibi tí wọ́n kọ "Alarms" sí, ó rí i pé ó wà ní títàn. Bí ìyẹn bá wà ní pípa, áláàmù á kàn máa hàn lójú fóònù láìdún. Ti Wásáàpù ńkọ́? Kò fi kún àwọn áàpù tó yọ̀ǹda fún, torí bí ó bá gbà á láàyè, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Ó sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n má fi Wásáàpù pè òun lóru, ìpè orí síìmù gan-an ni kí wọ́n lò.

Ó kù kó fi àkókò sí i. Nínú "Schedules" ó ṣí "Sleeping", ó mú gbogbo ọjọ́, ó sì fi aago 9 alẹ́ sí aago 5 ìdájí. Lóru ọjọ́ kìíní, áláàmù aago 2 dún bó ṣe yẹ, ó lọ wo òròmọdìẹ, ó padà sùn. Kò tíì pẹ́ tó fi tún gbọ́ ariwo Wásáàpù. Kí ló fà á? Wọ́n kọ "Alarm can override end time" sínú "Sleeping", ó sì wà ní títàn. Ohun tó ń sọ ni pé bí áláàmù bá ti dún, kí ìdákẹ́jẹ́ parí níbẹ̀, torí ẹni tó ṣe é rò pé ẹni tí áláàmù jí ti jí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jí láàárín òru gbọ́dọ̀ pa á.

Ohun mìíràn tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. "Do Not Disturb" ń ṣílẹ̀kùn fún ìpè ni, kì í gbé ohùn rẹ̀ sókè. Bí ẹ bá ti fi fóònù sí ìdákẹ́jẹ́, tàbí tí ẹ fa "Ring volume" wálẹ̀ pátápátá, ìpè ẹni tó ní ìràwọ̀ á wọlé láìdún. "Alarm volume" dá dúró ní tirẹ̀ lórí Áńdíróìdì, kí ẹ wo òun náà lọ́tọ̀.

Lórí aifóònù, "Settings" ni ẹ ó wọ̀, lẹ́yìn náà "Focus", kí ẹ tó mú "Do Not Disturb", kí ẹ sì wọ "People". Ibẹ̀ ni ẹ ó ti yan àwọn tó lè pè, ẹ ó sì rí "Allow Repeated Calls", àmọ́ ìṣẹ́jú 3 péré ni tirẹ̀. Aifóònù ní ohun kan tí mo fẹ́ràn. Ẹ ṣí orúkọ ẹni náà, ẹ tẹ "Edit", lẹ́yìn náà "Ringtone", kí ẹ sì tan "Emergency Bypass". Ìpè ẹni yẹn á dún kódà bí fóònù bá wà ní ìdákẹ́jẹ́. Áláàmù inú "Clock" máa ń dún bí "Focus" tilẹ̀ wà ní títàn, ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni òun àti ìpè jọ ń pín, torí náà ẹni tó bá fa ohùn ìpè wálẹ̀ ti fa ti áláàmù náà wálẹ̀.

Ẹ dán an wò lọ́sàn-án, kí òru tó dé. Ẹ fi ọwọ́ tan "Do Not Disturb", kí ẹni tó ní ìràwọ̀ pè yín: ó gbọ́dọ̀ dún. Kí ẹni tí kò ní ìràwọ̀ pè lẹ́ẹ̀kan: fóònù gbọ́dọ̀ dákẹ́. Kó tún pè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ó gbọ́dọ̀ dún. Ẹ wá fi áláàmù sí ìṣẹ́jú méjì sí i, kí ẹ gbé fóònù síbi tó máa ń wà lóru, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ máa gbọ́ ọ. Bí ẹni tó ń ṣọ́ oko bá pààrọ̀ nọ́ńbà, tàbí tí ẹlòmíràn bá gba iṣẹ́ rẹ̀, ẹ tún ìràwọ̀ ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i.