Bí A Ṣe Ń Lo Ọ̀rọ̀ Àsopọ̀ Nínú Àròkọ IELTS Lórí Sóṣà Mídíà àti Àwọn Ọ̀dọ́langba

Nínú ìdánwò IELTS, àròkọ ni iṣẹ́ kejì ní apá ìkọ̀wé. Ó kéré tán, ọ̀rọ̀ 250 ni wọ́n ń retí, ìṣẹ́jú 40 ló sì yẹ kí o lò lórí rẹ̀ nínú 60 tí wọ́n fún gbogbo apá náà. Ìlọ́po méjì máàkì iṣẹ́ kìíní ló ní. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó máàkì rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra tó sì so kọ́ra. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àsopọ̀, bíi "However" àti "Moreover", ti wúlò, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kó bá àwọn tó ti há ogún rẹ̀ sórí, tí wọ́n wá ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nínú ìlànà tí wọ́n fi ń máàkì, ẹni tó gba 9 ni ẹni tó ṣọ̀wọ́n gan-an kí àsopọ̀ rẹ̀ pe àfiyèsí. Àlòjù wà lára àléébù tí ìlànà náà dárúkọ fún àwọn máàkì tó wà nísàlẹ̀.

Jẹ́ ká mú ìbéèrè kan tó jọ èyí tí wọ́n máa ń bi èèyàn: "Children under 16 should not be allowed to use social media. To what extent do you agree or disagree?" Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an ni. Ọsirélíà ṣe òfin bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 2025. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì ni òfin náà máa ń bu owó ìtanràn lé. Kò fìyà jẹ ọmọ, kò sì fìyà jẹ òbí. O lè mú un lò bí àpẹẹrẹ, àmọ́ wọn ò ní yọ máàkì rẹ bí o kò bá gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí o mú ìhà kan. Ìbéèrè náà ń bi ọ́ pé báwo ni o ṣe gbà tó tàbí báwo ni o kò ṣe gbà tó, nítorí náà, kì í ṣe àròkọ tí o ti máa to ire àti ibi lọ́tùn-ún lósì, tí o sì máa kúrò níbẹ̀. Èmi yóò mú èyí: ewu wà nínú sóṣà mídíà fún ọ̀dọ́langba, àmọ́ òfin ọjọ́ orí kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni ìhà yìí ti gbọ́dọ̀ hàn, kó sì má yí padà títí dé ìparí.

Lẹ́yìn náà, kọ èrò rẹ sílẹ̀ ní gbólóhùn ṣókí-ṣókí, láì fi àsopọ̀ kankan sí i. Ní Yorùbá náà, ó dára. Fún ìpínrọ̀ kan, mo lè ní mẹ́rin yìí:

Ọ̀dọ́langba ń fi fóònù ṣàìsùn. Wọ́n ń tòògbé ní kíláàsì. Òfin ọjọ́ orí kò lágbára, torí ọmọ lè purọ́ ọdún tí wọ́n bí i. Ọmọ tó bá fi irọ́ wọlé kò ní lè sọ fún òbí rẹ̀ bí ẹnì kan bá ń halẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀.

Wàyí o, bi ara rẹ léèrè láàárín gbólóhùn méjì-méjì pé kí ni èkejì ń ṣe sí èkíní. Èkejì níhìn-ín jẹ́ àbájáde èkíní. Ẹ̀kẹta gbà pé òótọ́ ni méjì àkọ́kọ́, àmọ́ ó ń ta ko ojútùú tí ìbéèrè dá. Ẹ̀kẹrin ń fi ohun tó burú jù kún ẹ̀kẹta. Ìgbà tí o bá ti mọ èyí ni o tó lè mú ọ̀rọ̀ àsopọ̀. Bí o kò bá rí ìdáhùn, gbólóhùn kan ló ṣì wọ ibẹ̀, "Moreover" kò sì lè gbà á là.

Bí ìpínrọ̀ náà ṣe máa rí nìyí:

"Many teenagers scroll until after midnight and, as a result, doze through morning lessons. Although this harm is real, an age limit is a weak remedy. A fourteen-year-old can simply type in a false year of birth. Worse still, a child who has lied to get in will hardly tell a parent when a stranger starts to threaten her there."

Gbólóhùn mẹ́rin ni, àsopọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Mi ò fi ìkankan ṣáájú gbólóhùn kẹta, torí ẹni tó ń kà á ti mọ̀ pé ìdí tí òfin náà kò fi lágbára ló kàn. Ohun tó tún so ó pọ̀ láìpariwo ni "this harm". Ó kó àìsùn àti ìtòògbé pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, ó sì gbé wọn wọ gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Bí mo bá fẹ́ kọ́ èèyàn ní ẹyọ ohun kan ṣoṣo, èyí ni máa kọ́ ọ: lo "this" tàbí "such" pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ tó ṣàkópọ̀ ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, bíi "this habit" tàbí "such a rule".

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń ronú ní Yorùbá. Bí a bá sọ pé "bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu wà", etí wa ń retí "síbẹ̀" tàbí "ṣùgbọ́n" níwájú. Gẹ̀ẹ́sì kì í gba méjèèjì pọ̀. Bí o bá ti kọ "Although", má kọ "but" sínú gbólóhùn yẹn mọ́. Bákan náà ni "Because" ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "that is why" ní àárín: mú ọ̀kan, fi ìkejì sílẹ̀. "Despite" ní tirẹ̀ kì í gba odindi gbólóhùn. "Despite this harm" tọ́, "Despite this harm is real" kò tọ́.

"However" máa ń jìnnà sí "but" nínú àmì. Àmì ìdánudúró ló máa ń ṣáájú rẹ̀ bó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kọ́mà á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi kọ́mà nìkan so odindi gbólóhùn méjì pọ̀ pẹ̀lú "however" ti ṣe àṣìṣe gírámà. Ṣọ́ra fún "On the contrary" náà. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ló máa ń sọ pé kì í ṣòótọ́. Bó bá jẹ́ pé ìhà kejì ọ̀rọ̀ lo fẹ́ yẹ̀ wò, "on the other hand" lo ń wá.

Ní ti ìparí, gbólóhùn méjì tó. Tún ìhà rẹ sọ ní ọ̀rọ̀ mìíràn, má mú èrò tuntun wọlé. Gbogbo wa la mọ "with these few points of mine" látinú díbéètì ilé-ìwé. Jẹ́ kó wà ní díbéètì, má gbé e wọ àròkọ.

Fi ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kí o wá kà á. Bí ìtumọ̀ kò bá yí padà, pa á rẹ́. Bí o bá rí i pé gbólóhùn méjì lè pààrọ̀ ipò láìsí ìyàtọ̀, èrò rẹ kò tíì tẹ̀ léra níbẹ̀, inú èrò náà ni kí o ti tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, wo iye ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́ á rí i lójú ìwòran, ẹni tó ń fi bírò kọ ọ́ lè ka ọ̀rọ̀ ìlà kan, kó fi iye ìlà sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá kù díẹ̀ kó pé 250, àpẹẹrẹ ni kí o fi kún un.