Bí a ṣe ń tún ìwé ìgbélùú ṣe ní Jámánì, àti ipò tí a wà kí ìpinnu tó dé

Ní Jámánì, ọjọ́ tí ìbéèrè yín wọ ọ́fíìsì tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì ni òfin ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n pè yín wá síwájú òṣìṣẹ́. Bí ìbéèrè náà bá ti wọlé kí ọjọ́ tí ó wà lára káàdì yín tó kọjá, ìpín 4 nínú abala 81 òfin ìgbélùú wọn sọ pé káàdì àtijọ́ náà yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi ṣe ìpinnu. Ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni: ẹni tí wọ́n so káàdì rẹ̀ mọ́ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè tìtorí pé ó ń dúró de ìpinnu kí ó lọ bá òmíràn ṣiṣẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìrìnnà yín, nítorí bí ó bá ti fẹ́ parí, òun ni ó yẹ kí ẹ tún ṣe ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ìwé iṣẹ́, ìwé owó oṣù, ẹ̀rí ìbánigbófò ìlera àti ìwé ilé jọ, kí ẹ sì fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tàbí nínú lẹ́tà tí ẹ buwọ́ lù. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ ìpàdé tí ẹ gbà nìkan, nítorí ó lè má jẹ́ ìbéèrè lójú wọn. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí pé ìbéèrè náà dé ọwọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kan tí káàdì rẹ̀ yóò parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án. Ó fi ìbéèrè ránṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ìpàdé tí wọ́n fún un di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá. Láàárín àkókò yìí, ó wà lábẹ́ òfin, ó sì lè máa lọ sí ibi iṣẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn tí ó ń ṣiṣẹ́ yóò béèrè ẹ̀rí. Kí ó béèrè fún ìwé tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ `Fiktionsbescheinigung`, tí owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 13. Kí ó tó kúrò níwájú òṣìṣẹ́, kí ó yẹ àwọn àpótí inú ìwé náà wò. Àpótí ìpín 4 ni ó gbọ́dọ̀ ní àmì. Ẹni tí tirẹ̀ bọ́ sí ìpín 3 lè jáde ní Jámánì, ṣùgbọ́n ìwé náà kò fún un láṣẹ láti padà wọlé.

Ká ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ni nọ́ọ̀sì yìí tó fi ìbéèrè ránṣẹ́ ni, ààbò náà kì bá tí wà fúnra rẹ̀. Ọ́fíìsì náà lè pàṣẹ pé kí káàdì àtijọ́ máa ṣiṣẹ́ lọ láti gbà á lọ́wọ́ ìnira tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni ìyẹn wà. Nítorí náà, kí ó ṣàlàyé ìdí tí ó fi pẹ́ nínú lẹ́tà kan náà.

Bí wọ́n bá kọ ìbéèrè náà, ààbò yìí dópin, ẹjọ́ tí a bá sì pè kì í dá a padà fúnra rẹ̀. Gbèdéke tí a lè fi tako ìpinnu wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Ẹ gbé e tọ agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin ìgbélùú lọ ní ọjọ́ tí ó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́.