Òwò yàtọ̀ sí olówò: bí a ṣe ń ya owó ilé kúrò nínú ìwé òwò

Ní alẹ́ ọjọ́ tó parí oṣù, obìnrin kan tó ń sin adìyẹ tó ń yé ẹyin ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ó ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀, ó ro gbogbo owó tó jáde pọ̀, ó wá rí i pé èyí tó jáde fi 10 lé sí èyí tó wọlé. Ló bá ní, "Àdánù nìkan ni adìyẹ yìí ń kó bá mi. N ó tà wọ́n dànù." Kó tó pe àwọn oníbàárà, ẹ jẹ́ ká bá a wo ìwé náà dáadáa. Mo ti gé nọ́ńbà inú rẹ̀ kúrú kó má baà dà rú mọ́ wa lójú.

Ó ta kíréètì ẹyin 90, ó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 10, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 900. Ohun tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìnáwó nìyí: oúnjẹ adìyẹ 500, oògùn 40, owó oṣù ọmọ iṣẹ́ 100, owó fóònù 20, owó ilé ìwé àwọn ọmọ 180, owó tó fi ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rẹ 70. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 910. Ìṣirò rẹ̀ pé, kò ṣi ohunkóhun rò. Àwọn ohun kan tó kọ síbẹ̀ ni kò tọ́.

Adìyẹ kì í lọ sílé ìwé, adìyẹ ò sì ní ẹ̀gbọ́n. Nínú ìwé, a gbọ́dọ̀ wo òwò bíi pé ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, tó ní àpò tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín. Ohun tí òwò ná kí iṣẹ́ lè máa lọ nìkan ni ìnáwó òwò. Èyí tí olówò mú fún ara rẹ̀ tàbí fún ará ilé rẹ̀ kì í ṣe ìnáwó. Owó àyọlò là ń pè é, ojú ìwé tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Wọ́n sábà máa ń bi mí léèrè níbí pé, "Ṣé owó ara mi ni mo fẹ́ jí ni, tí mo fi ní láti máa kọ ọ́ sílẹ̀?" Ẹ ò jí nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kó ojú owó jọ láti fi bẹ̀rẹ̀, òwò ló gbà á lọ́wọ́ yín. Nínú ìwé, òwò jẹ yín ní owó yẹn. Bó bá jèrè, ohun tó jẹ yín pọ̀ sí i. Ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yọ owó, òwò ti san díẹ̀ padà fún yín nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyọlò fi ń dín ojú owó kù, tí kò sì kan èrè rárá.

Ohun kan tún wà tí obìnrin wa ò kọ níbì kankan. Ó gbé kíréètì ẹyin mẹ́fà wọlé fún ìdílé rẹ̀ láàárín oṣù náà. Nítorí pé owó ò ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, kò kà á sí. Bẹ́ẹ̀, adìyẹ ló yé e, oúnjẹ tí òwò rà ló sì fi yé e. Ẹni tó ń rajà tà máa ń kọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní iye tó rà á. Àgbẹ̀ tí kò ra nǹkan tirẹ̀ lè kọ iye tí ì bá tà á lóko, níhìn-ín 60. A ó kọ 60 yìí lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan sí ohun tí oko mú jáde, lẹ́ẹ̀kan sí àyọlò.

Ó ku owó fóònù. Ìdajì ìpè rẹ̀ jẹ́ ti oníbàárà àti ti ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, ìdajì jẹ́ ti ilé. Nítorí náà, 10 jẹ́ ti òwò, 10 jẹ́ àyọlò. Bákan náà lẹ ó ṣe pín epo ọkọ̀ àti iná mànàmáná. Ẹ wá ohun kan tẹ́ ẹ lè fi wọ̀n ọ́n, bí iye ọjọ́ tí ọkọ̀ fi ń lọ sóko, kẹ́ ẹ sì máa lo òṣùwọ̀n kan náà lóṣooṣù. Bẹ́ ẹ bá ń yí i padà, ẹ ò ní lè fi oṣù kan wé èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wá tún ìwé náà kọ:

Ohun tí oko mú jáde: 900 + 60 = 960
Ìnáwó òwò: 500 + 40 + 100 + 10 = 650
Èrè: 960 − 650 = 310
Àyọlò: 180 + 70 + 10 + 60 = 320

Owó tó wà nínú àpótí ò yí padà, ó ṣì dín ní 10 bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ló yí padà pátápátá. Adìyẹ tó fẹ́ tà dànù jèrè 310 lóṣù kan. Ilé ló ná 320. Èrè náà tán, ó sì fi 10 jẹ wọ inú ojú owó. (Adìyẹ máa ń dàgbà, iye rẹ̀ sì máa ń dín kù; mo fi ìyẹn sílẹ̀ níhìn-ín kí ọ̀nà lè là.) Ká ní ó tà wọ́n ni, ohun tó ń bọ́ ilé ni ì bá pa, ìnáwó ilé ò sì ní dín kù.

Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lódì kejì náà. Bẹ́ ẹ bá fi owó àpò ara yín ra oògùn fún adìyẹ, tẹ́ ẹ ò kọ ọ́, èrè á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kọ ọ́ sí ìnáwó òwò, kẹ́ ẹ sì fi kún ojú owó tẹ́ ẹ dá.

Láti ṣe é, àpò méjì ló dára jù, tàbí àkáǹtì méjì ní báǹkì. Gbogbo owó ọjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ àpò òwò, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún àyọlò, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́, iye àti ohun tẹ́ ẹ fi ṣe síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ mú iye kan tẹ́ ẹ ó máa gbé lọ sílé lóṣooṣù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fara mọ́ èyí ju kéèyàn máa mú díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lọ, torí díẹ̀díẹ̀ yẹn lèèyàn máa ń gbàgbé. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ pe iye náà ní owó oṣù yín, àyọlò ló ṣì jẹ́ nínú ìwé òwò ẹni kan ṣoṣo. Nínú ilé iṣẹ́ tí òfin kà sí ẹni ọ̀tọ̀ ni owó oṣù ẹni tó ni ín tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti lè di ìnáwó.

Ẹ má ṣe rò pé ìyàsọ́tọ̀ inú ìwé yìí ń dáàbò bo ilé yín lọ́wọ́ ẹni tí òwò jẹ lówó. Bí òwò ẹni kan ṣoṣo bá jẹ gbèsè, ẹni tó jẹ lówó lè bèèrè rẹ̀ lára ohun ìní yín.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àyọlò kan wà tẹ́ ẹ ò kọ, ẹ ka owó àpótí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé ohun tí ìwé sọ. Ẹ fi iye ẹyin tẹ́ ẹ kó nínú ilé adìyẹ wé iye tẹ́ ẹ tà, èyí tó fọ́, èyí tẹ́ ẹ kọ sí àyọlò àti èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀. Bí ẹyin bá dín, tí kò sì fọ́, ẹ wo ilé ìdáná kẹ́ ẹ tó fura sí ọmọ iṣẹ́.

Obìnrin wa ò ta adìyẹ rẹ̀ mọ́. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí gbogbo ohun tí òun ń yọ, àtẹyin àtowó, ju 250 lọ lóṣù. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, èrè rẹ̀ jẹ́ 300, ó sì fi 50 kún ojú owó.