Máàkì ni kẹ́ ẹ fi pín wákàtí mẹ́ta ìdánwò
Ẹ̀yin ará, ẹ má fi iye ìbéèrè pín àkókò, máàkì ni kẹ́ ẹ fi pín in. Nínú ìṣẹ́jú 180, ẹ yọ 10 fún kíka ìbéèrè àti 10 fún àtúnyẹ̀wò. Ó ku 160. Bí gbogbo máàkì bá jẹ́ 100, ìbéèrè oní-máàkì 20 gba ìṣẹ́jú 32. Èyí tó dá yín lójú jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáhùn, àmọ́ òun gan-an ló máa ń jẹ àkókò, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán lẹ́nu ẹni. Bí 32 bá ti pé, ẹ fi àyè sílẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́ sí òmíràn: máàkì díẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìbéèrè tuntun rọrùn-ún rí ju èyí tó kù nínú ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọn ò bá kọ máàkì síwájú ìbéèrè, ìṣirò yìí ò ṣiṣẹ́. Nígbà náà, ẹ pín àkókò dọ́gba fún gbogbo ìbéèrè.